Ẹ Wo Aago Kí Ẹ Tó Pa Fódà Rẹ́

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, iṣẹ́ kan wà tí yóò máa wọlé tọ̀ yín wá lemọ́lemọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ṣọ́ọ̀bù yín wà ní Under-G lẹ́bàá LAUTECH. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé láàpútọ́ọ̀pù wá, á ní Epic Games Launcher òun kò ṣí mọ́. Láti àárọ̀ ló ti ń yí lórí "Updating", tàbí kí ó gba orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ tán, kí ó tún padà béèrè wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń sáré ṣe ni pé ẹ ó yọ géèmù kúrò pátápátá, ẹ ó tún un gbà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Gígábáìtì rẹpẹtẹ ni ẹ ó jẹ nínú dátà oníbàárà, ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà sì lè wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ohun méjì ló sábà ń fà á lọ́dọ̀ wa, iná tó ń lọ lójijì ló sì ń bí àwọn méjèèjì. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù ọwọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Bátìrì ńlá rẹ̀ ti kú, orí iná tààrà ni wọ́n ti ń lò ó. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí láńṣà ń kọ nǹkan sínú káàṣì rẹ̀, ààbọ̀ ló máa kọ. Bátìrì kékeré tó ń ti aago lẹ́yìn lórí mọ́dábọ́ọ̀dù náà ti gbó, nítorí náà bí iná bá ti lọ, aago á padà sí ọdún àtijọ́ kan. Ẹni tó bá tún ọ̀kan ṣe tó fi èkejì sílẹ̀, oníbàárà rẹ̀ ń padà bọ̀.

Aago ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kí láńṣà tó bá sáfà sọ̀rọ̀, sáfà gbọ́dọ̀ fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ hàn án, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí sì wà lára ìwé náà. Bí aago kọ̀ǹpútà bá ń sọ pé ọdún 2015 la wà, lójú tirẹ̀, ìwé ẹ̀rí òní kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò ní gbà á, ìsopọ̀ á já, láńṣà á tún gbìyànjú, a ó sì máa wo "Updating" títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí ó bá jẹ́ pé díẹ̀ ni aago fi ṣáájú, ìwé ẹ̀rí lè kọjá, ṣùgbọ́n àṣẹ ìwọlé tí sáfà ń fúnni kì í pẹ́ parí. Kọ̀ǹpútà lè kà á sí èyí tó ti kú, kí ó tún ní kí oníbàárà wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ ṣí Chrome lórí ẹ̀rọ náà. Bí ẹ bá rí `NET::ERR_CERT_DATE_INVALID`, aago ló ṣẹ̀.

Ọdún àti agbègbè aago ni kí ẹ wò, kì í ṣe wákàtí nìkan. Ká ní láàpútọ́ọ̀pù kan wá láti Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹnikẹ́ni kò yí agbègbè rẹ̀ padà. Láti Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù March títí di èyí tó gbẹ̀yìn oṣù October, aago Lọ́ńdọ̀nù àti tiwa bára mu, kò sẹ́ni tó máa fura. Nígbà tí wọ́n bá dá tiwọn padà, ẹ̀rọ náà á fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Olówó rẹ̀ á fọwọ́ tì í síwájú, á rò pé òun ti tún un ṣe. Ojú aago bá fóònù rẹ̀ mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò UTC inú rẹ̀ ti fi wákàtí kan ṣáájú gbogbo ayé. Ní November ni ìyípo ìwọlé bẹ̀rẹ̀, olówó rẹ̀ sì ń búra pé aago òun pé. Ẹ ṣí "Date & time" nínú Settings, ẹ mú "(UTC+01:00) West Central Africa", kí ẹ tó fọwọ́ kan wákàtí rárá.

Bí aago bá fi ọdún púpọ̀ yàtọ̀, ẹ fọwọ́ tún ọdún, oṣù, ọjọ́ àti wákàtí ṣe ná, kí ẹ tó tẹ "Sync now". Windows ilé kì í fúnra rẹ̀ ṣe àtúnṣe tó bá ju wákàtí 15 lọ. Á ní ìyàtọ̀ náà ti pọ̀ jù. Bí "Sync now" bá kọ̀, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alákòóso, kí ẹ tẹ èyí:

```
net start w32time
w32tm /resync
```

Ìgbà tí aago bá tó tọ́ ni kí ẹ tó dé ìdí káàṣì. Ẹ kọ́kọ́ bi oníbàárà bóyá ó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, bóyá ó sì lè ṣí ímeèlì tí wọ́n máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí, nítorí bí káàṣì bá lọ, àmì ìwọlé rẹ̀ bá a lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ pa láńṣà láti àmì rẹ̀ nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kí ẹ sì wo Task Manager pé `EpicGamesLauncher.exe` àti `EpicWebHelper.exe` kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ṣì ń ṣiṣẹ́, Windows ò ní jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan fódà káàṣì náà. Ẹ tẹ Windows àti R pọ̀, kí ẹ kọ:

```
%localappdata%\EpicGamesLauncher\Saved
```

Ẹ ó rí `webcache`, tàbí orúkọ yẹn pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́yìn rẹ̀, bíi `webcache_4430`. Ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì ni ojú ìwọlé láńṣà, inú fódà yìí ló sì ń kó àjẹkù rẹ̀ sí. Èmi kì í kánjú pa á rẹ́. Mo máa ń yí orúkọ rẹ̀ padà, màá fi `_old` kún un, màá tan ẹ̀rọ náà ní títun, láńṣà á sì kọ òmíràn. Bí ohun gbogbo bá lọ dáadáa ni mo tó ń pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹ má ṣe dé `C:\ProgramData\Epic\EpicGamesLauncher\Data\Manifests` o! Ibẹ̀ ni láńṣà ń kọ géèmù tó wà lórí ẹ̀rọ sí. Bí ẹ bá pa á rẹ́, láńṣà ò ní mọ̀ pé géèmù kankan wà níbẹ̀ mọ́.

Bí aago bá tọ́, tí káàṣì sì jẹ́ tuntun, tí kò sì gbọ́ síbẹ̀, ẹ fi fóònù wo `status.epicgames.com`, nítorí bí sáfà wọn bá dákú, kò sí àtúnṣe tí ẹ lè ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo bóyá àyè kù lórí dísìkì C, kí ẹ sì fi hotspot fóònù dán an wò. Láńṣà nìkan ni ẹ ó tún fi sórí ẹ̀rọ bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, kì í ṣe géèmù.

Ẹ má tíì gba owó. Ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ yọ bátìrì ńlá bí ó bá ṣeé yọ, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Bí ẹ bá tàn án tí aago ti padà sẹ́yìn, bátìrì kékeré yẹn ti parí. CR2032 ni ọ̀pọ̀ wọn, fóòtì 3 ni. Àwọn kan ní wáyà méjì lára, àwọn láàpútọ́ọ̀pù tuntun mìíràn kò sì ní i rárá. Kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ ya fọ́tò ojú BIOS, nítorí ètò tó wà níbẹ̀ lè padà sí ti ilé iṣẹ́, kí Windows kọ̀ láti ṣí. Bí oníbàárà kò bá lówó bátìrì, ẹ kọ́ ọ bí yóò ṣe máa tún aago ṣe fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá lọ, kí ó tó ṣí láńṣà. Ẹ kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé bátìrì aago ti kú, kí ó má baà padà wá sọ pé iṣẹ́ yín ò dára.