Bí O Bá Fẹ́ Tún Àkọlé Aláriwo Kọ

Ọmọ mi, ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sídìí kíkọ àkọlé ìròyìn, mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní kà kọjá àkọlé rẹ. Wo àwọn tó máa ń dúró ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ fẹ́ńdọ̀, kí o sì gbọ́ àwọn tó ń ka àkọlé lórí rédíò láàárọ̀. Ohun tí o bá kọ síbẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ sílé.

Ìròyìn kan ni n óò fi kọ́ ọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2015, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, tó wà ní ìlú Líyọ̀n nílẹ̀ Faransé, kéde pé ẹran tí wọ́n fi iyọ̀, èéfín tàbí kẹ́míkà tọ́jú kó má baà bàjẹ́, irú bíi sọ́séèjì, hámù àti kọ́ọ̀n-bíìfù, ń fa jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Láìpẹ́, àkọlé tó ń jà ràn-ìn kiri ni pé sọ́séèjì ń pani bíi sìgá. Jẹ́ ká jọ tún un kọ.

1. Wá ọ̀rọ̀ tó ń parọ́ jáde. Níbí, “bíi” ni. Òótọ́ ni pé ìpele kan náà ni àwọn onímọ̀ náà to sọ́séèjì àti sìgá sí, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rí ṣe dájú tó ni ìpele yẹn ń sọ. Kò sọ bí ewu ṣe tóbi tó. Bí adájọ́ bá dá olè adìyẹ àti apànìyàn lẹ́bi lọ́jọ́ kan náà, àwọn méjèèjì jẹ̀bi, àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò tó ara wọn. Nínú àlàyé tí ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀ ṣe, iye ikú jẹjẹrẹ tí wọ́n fojú bù pé irú ẹran yìí ń fà káàkiri àgbáyé jẹ́ nǹkan bíi 34,000 lọ́dún. Ti sìgá ń lọ sí 1,000,000. Nítorí náà, yọ sìgá kúrò nínú àkọlé.

2. Má ṣe jẹ́ kí orúkọ nǹkan fẹ̀ ju ohun tí wọ́n dán wò lọ. Àwọn kan kọ “ẹran” lásán. Lórí ẹran pupa, bí ẹran màlúù tí alápatà ń tà, “ó ṣeé ṣe” ni ìwádìí náà sọ, kò sọ pé ó dájú. Ẹni tó bá kọ “ẹran ń fa jẹjẹrẹ” ti ba ọjà alápatà jẹ́ lórí ohun tí kò dájú.

3. Bi nọ́ńbà léèrè ibi tó ti wá. Èyí ló máa ń tan àwọn olóòtú àgbà pàápàá. Ìròyìn náà sọ pé bí èèyàn bá ń jẹ gíráàmù 50 lójoojúmọ́, ìyẹn bíi sọ́séèjì kan, ewu rẹ̀ yóò fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ẹni tó bá rí 18 yìí lè rò pé nínú èèyàn 100 tó ń jẹ ẹ́, 18 ni àrùn yóò mú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí èèyàn 6 nínú 100 ni jẹjẹrẹ ìfun ń mú kí wọ́n tó kú. Ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ti 6 yẹn jẹ́ 1 àti díẹ̀. Nítorí náà, 6 di 7. Ẹni kan lé nínú ọgọ́rùn-ún ni gbogbo ariwo náà, ẹ̀mí ẹni kan sì tó kọ ìròyìn lé lórí. Bí o kò bá rí iye ti ìbẹ̀rẹ̀, má fi ìdá kankan sínú àkọlé.

4. Fi ohun tó sún mọ́ òǹkàwé síwájú. “Àjọ kan gbé àbájáde ìwádìí jáde” kò parọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tí yóò yà sídìí rẹ̀. “Ṣé sọ́séèjì yóò pa ọ́?” burú jùyẹn lọ, torí ìbéèrè ni o fi bo ẹ̀sùn tí o kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èyí tí èmi yóò tẹ̀ ni: “Sọ́séèjì kan lójúmọ́ ń fi kún ewu jẹjẹrẹ ìfun.” Oúnjẹ tí òǹkàwé mọ̀ wà níbẹ̀, ìwọ̀n tó lè fi wo ara rẹ̀ wà níbẹ̀, àìsàn náà sì ní orúkọ. Bí àyè bá wà lábẹ́ rẹ̀, fi kún un: “Nínú èèyàn 100, ẹni 6 tó ń kó o lè di 7.”

5. Ka àkọlé náà sí ẹni tí kò tíì rí ìròyìn náà létí, kí o ní kó sọ ohun tó rò pé ó wà nínú rẹ̀. Bó bá dárúkọ ohun tí kò sí níbẹ̀, padà sórí tábìlì rẹ kí o tún un kọ.