Oúnjẹ Tí Kò Pé: Owó Inú Áàpù Kì í Ṣe Owó Inú Kàádì

Ọ̀rọ̀ ọjà tòní dá lórí oúnjẹ tí èèyàn fi fóònù rà, tí ọlọ́kadà gbé wá, tí a tú u tí a rí i pé kò pé. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé Kútọnú ń lo Gozem, àwọn ti Èkó ń lo Glovo tàbí Chowdeck. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí wọn, ilé ni wọ́n máa ń pè pé, "Màámi, wọ́n ní àwọn ti dá owó mi padà, ṣùgbọ́n mi ò rí i ní báńkì." Ohun tó fà á ni a fẹ́ tú palẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjà tiwa. Ẹ ra ata lọ́wọ́ ìyá kan, ṣéńjì yín ku 500 fáráǹkì, kò sì ní in lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ padà wá lọ́jọ́ ọjà, màá fi ata di í fún yín." Òótọ́ ni pé ó jẹ yín lówó, kò sì ní òun ò jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi 500 yẹn wọ ọkọ̀, ẹ ò lè fi ra oògùn. Ata rẹ̀ nìkan lẹ lè fi rà, ọjọ́ tó bá sì wá sọ́jà nìkan ni. Bí owó tí áàpù ń fi sínú àkáǹtì yín ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìlérí ni. Owó tó bá padà sínú kàádì, owó yín ni, ibi tó bá wù yín lẹ lè ná an sí.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kan yé ara wa. Ká ní ọmọ yín kan ní Èkó ra abọ́ ìrẹsì 2 ní 7,000 náírà, ẹja díndín 2,500, àti adìẹ 3,000. Gbogbo oúnjẹ jẹ́ 12,500. Áàpù yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kúrò fún un, ìyẹn 1,250, ó wá ku 11,250. Owó ẹni tó gbé e wá jẹ́ 1,000, owó iṣẹ́ áàpù jẹ́ 500. Ohun tó jáde nínú kàádì rẹ̀ jẹ́ 12,750. Oúnjẹ dé, ẹja kò sí níbẹ̀.

Èló ló yẹ kó gbà? Kì í ṣe 12,750, torí ó jẹ ìyókù. Kò sì ní jẹ́ 2,500 tó wà lára ẹja náà, nítorí ẹja pẹ̀lú wà lára ohun tí wọ́n yọ owó lé lórí. Ẹ yọ 250 nínú 2,500, ó ku 2,250. Iye tó san lórí ẹja nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìjà ló ń bẹ̀rẹ̀ níbí, torí pé ẹni tó rà á ń wo iye tó wà lójú àkọsílẹ̀, ilé-iṣẹ́ sì ń wo iye tó wọlé.

Ó fi ẹjọ́ sùn. Láìpẹ́, èsì dé pé wọ́n ti fi 3,000 sínú àpò rẹ̀ nínú áàpù. Ó pọ̀ ju 2,250 lọ, ó sì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ẹ ka àwọn lẹ́tà kéékèèké tó wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó ná an láàárín ọjọ́ 30, lórí oúnjẹ tó bá tó 6,000, a jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ tún yọ 3,000 míì lápò kó tó rí i lò. Bí ọjọ́ bá kọjá, ó parẹ́. Tí kì í bá ṣe oníbàárà tó ń rà lọ́wọ́ wọn lóòrèkóòrè, 2,250 tó padà sí kàádì sàn jù.

Kí ló dé tí áàpù fi máa ń na èyí sí wa ná? Nítorí pé ó rọrùn fún wọn. Owó náà kò kúrò nílé wọn, kò gba ọ̀dọ̀ báńkì kankan, ẹ ó sì padà wá rà. Ohun tó sì yẹ kí ẹ rántí ni pé áàpù lè kógbá wọlé. Jumia Food, tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ dáadáa, ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ìparí ọdún 2023. Owó tó wà ní báńkì yín kò bá áàpù lọ, ṣùgbọ́n ìlérí áàpù ń tẹ̀lé áàpù ni.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ ka oúnjẹ náà kí ọlọ́kadà tó lọ. Bí ilé-oúnjẹ bá ti dì í pa, ọlọ́kadà kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ohun tó dé, àti ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọ̀rá náà. Ẹ wọ inú áàpù, ẹ ṣí ọjà yẹn gan-an, kí ẹ fẹjọ́ sùn lójú ẹsẹ̀, torí ọ̀pọ̀ áàpù kì í pẹ́ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ẹjọ́. Ẹ kọ ọ́ ní ṣókí: "Ẹja kò sí níbẹ̀. Mi ò fẹ́ owó inú áàpù. Ẹ dá 2,250 padà sí kàádì tí mo fi sanwó." Ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan owó inú áàpù. Ẹni tó bá ti gbà á tó sì ti ná an, ilé-iṣẹ́ lè sọ pé ẹjọ́ ti parí, báńkì náà á sì gbà bẹ́ẹ̀.

Tí wọ́n bá gbà, ẹ ní sùúrù. Owó náà á kúrò lọ́dọ̀ wọn, á gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń báwọn gba owó kàádì, kó tó dé báńkì yín. Ó lè gba ọjọ́ iṣẹ́ mélòó kan. Bí kò bá dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ béèrè nọ́ńbà ARN lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Nọ́ńbà yìí ni báńkì fi ń tọ ipasẹ̀ owó. Bí wọn kò bá rí i fún yín, ó ṣeé ṣe kí owó náà máà tíì kúrò lọ́dọ̀ wọn rárá.

Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lọ bá báńkì tó fún yín ní kàádì, kí ẹ sọ pé ọjà kò dé pé. Fún Visa àti Mastercard, ọjọ́ 120 ni wọ́n sábà máa ń fúnni, ṣùgbọ́n ẹ má dúró tó bẹ́ẹ̀. Owó ẹja nìkan ni kí ẹ béèrè. Ẹni tó bá béèrè gbogbo 12,750 lẹ́yìn tó ti jẹ ìrẹsì, ẹjọ́ rẹ̀ á bàjẹ́.

Ẹ̀yin tó ń fi MoMo sanwó, tiyín yàtọ̀. MoMo kì í ṣe kàádì, òfin Visa kò bá a lọ. Ọ̀dọ̀ ẹni tó tajà ni kí ẹ ti kọ́kọ́ béèrè kó fi owó náà ránṣẹ́ padà sí nọ́ńbà yín.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín pé òun fẹ́ dá owó oúnjẹ padà, pé kí ẹ ka nọ́ńbà àṣírí yín tàbí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún òun, ẹ pa fóònù. A kì í lo nọ́ńbà àṣírí láti gba owó, láti yọ owó la fi ń lò ó. Ó dàbọ̀ o, ọjà á tà.