Ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ èékánná lẹ́yìn tí ìka bá há sẹ́nu ilẹ̀kùn

Ká ní ìka ọmọ ọdún 6 kan há sẹ́nu ilẹ̀kùn irin ní Niamey. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èékánná rẹ̀ ti dúdú, ó sì ń ro ó kíkankíkan, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó há sábẹ́ èékánná kò rí ọ̀nà jáde. Bí èékánná bá dúró ṣinṣin, tí etí rẹ̀ kò ya, òṣìṣẹ́ ìlera lè lu ihò kékeré sí i láàárín wákàtí 48. Ìrora náà yóò rọlẹ̀. Ẹ má ṣe fà á tu, nítorí òun ló ń dáàbò bo ẹran abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìdí èékánná bá yọ jáde sórí awọ, tàbí tí orí ìka tẹ̀, egungun lè ti ṣẹ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé ọmọ náà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, fún àwòrán egungun, fífọ ojú ọgbẹ́ àti rírán rẹ̀.