Omi Àlùwàlá Tó Ń Kán Tótó: Gíga Táǹkì àti Fífẹ̀ Páìpù

Ọ̀pọ̀ mọ́sáláṣí àti ilé ló wà tí táǹkì wọn kún dẹ́nu, síbẹ̀ tí omi kì í jáde dáadáa lẹ́nu ẹ̀rọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà máa ń hàn sí gbangba. Bí èèyàn méjì bá ń ṣe àlùwàlá, omi ń sáré. Bí mẹ́jọ bá jókòó, omi a máa kán tótó. Àwọn tó ń kánjú a fi gìgísẹ̀ gbígbẹ sílẹ̀. Àwọn mìíràn a gbé garawa wá, gbogbo wọn a máa ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, títí kan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Inú irú garawa bẹ́ẹ̀ ni àrùn ìgbẹ́ gbuuru ti ń ti ọwọ́ ẹnì kan dé ẹnu ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ páìpù fi wọ ojú ewé ìlera wa lóṣù yìí.

Ohun méjì péré ló ń pinnu bí omi táǹkì yóò ṣe sáré tó: bí táǹkì ṣe ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ, àti bí inú páìpù ṣe fẹ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká mú wọn níkọ̀ọ̀kan.

Gíga ni ó ń fún omi lágbára, kì í ṣe bí táǹkì ṣe tóbi tó. Táǹkì 5,000 lítà àti táǹkì 500 lítà tí omi inú wọn wà ní ìpele kan náà yóò fi agbára kan náà ti omi jáde. Èyí tó tóbi kàn máa pẹ́ kó tó tán ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ra táǹkì tó tóbi sí i nítorí pé omi rẹ̀ ò sáré, owó ló fi ṣòfò. Ibi tí a ti ń wọn gíga náà ni ìsàlẹ̀ táǹkì, níbi tí páìpù ti jáde, títí dé ẹnu ẹ̀rọ tí a fẹ́ lò. Ìsàlẹ̀ ni a ń lò nínú ìṣirò, kì í ṣe òkè, nítorí pé ó yẹ kí omi ṣì máa sáré nígbà tí táǹkì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Páìpù ní tirẹ̀ dà bí oníbodè. Bí omi ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń gba owó lọ́wọ́ omi, gíga tí a ti kó jọ ló sì fi ń san án. Bí páìpù bá ṣe gùn tó, bí omi tó ń gba inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni owó ibodè ń ga. Ṣùgbọ́n fífẹ̀ rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Bí a bá sọ fífẹ̀ inú páìpù di ìlọ́po méjì, omi tó lè kọjá pẹ̀lú agbára kan náà kì í ṣe ìlọ́po méjì, bí ìlọ́po mẹ́fà ni.

Ẹ jẹ́ ká fi mọ́sáláṣí kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀rọ àlùwàlá rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ. Sítáǹdì táǹkì ga ní mítà 3. Ẹnu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà ní bíi sẹ̀ǹtímítà 70 sí ilẹ̀. Bí a bá yọ 70 kúrò nínú mítà 3, ó ku mítà 2.3. Gbogbo agbára tí omi ní nìyẹn. Láti ìdí táǹkì dé ẹ̀rọ tó kẹ́yìn jẹ́ mítà 20. Páìpù tún yí nígbà mélòó kan, kọ́kì ìtipa wà lórí rẹ̀, ó sì ní ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ibi wọ̀nyí ni omi ti ń pàdánù agbára, nítorí náà a ó fi ìdajì lé mítà 20 yẹn, a ó kà á sí mítà 30.

Omi mélòó ni a fẹ́? Fún àlùwàlá, lítà 6 ní ìṣẹ́jú kan tó fún ẹnì kan dáadáa. Bí ẹ̀rọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ó di lítà 48 ní ìṣẹ́jú kan. A ó fi mítà 1 nínú mítà 2.3 yẹn sílẹ̀ kí omi lè fi gba inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ jáde. Ohun tó ṣẹ́kù fún páìpù láti jẹ ni mítà 1.3.

Ẹ wá wo ohun tí páìpù kọ̀ọ̀kan yóò jẹ bí lítà 48 bá ní láti gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Páìpù oníke tí inú rẹ̀ jẹ́ ínṣì ¾ yóò jẹ bíi mítà 13. Ti ínṣì 1 yóò jẹ bíi mítà 3.2. Ti ínṣì 1¼ yóò jẹ bíi mítà 1. Mítà 1.3 péré la sì ní. Èyí túmọ̀ sí pé ti ínṣì 1¼ nìkan ló bá owó tó wà lápò mu.

Bí ó bá jẹ́ ti ínṣì ¾ ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ ńkọ́? Omi kò ní dúró, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí páìpù náà lè gbé wá kò ju bíi lítà 20 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹni méjì tàbí mẹ́ta bá ń lò ó, ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí ẹni mẹ́jọ bá pín in, lítà méjì àti ààbọ̀ ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwọn tó wà lápá ìparí kì í sì í rí tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá wá fẹ́ fi gíga nìkan wo àìsàn yìí sàn, láìpààrọ̀ páìpù, àfi kí a gbé táǹkì dé bíi mítà 15, ìyẹn gíga ilé alájà mẹ́rin. Ẹ rí i pé páìpù tó fẹ̀ ló dínwó jù.

Báwo ni ẹ ṣe lè mọ èyí tó ń ṣe tiyín? Ẹ mú ike omi lítà kan àti aago. Ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ pa, kí ẹ ṣí ẹyọ kan, ẹni tó jìnnà jù sí táǹkì. Bí ike bá kún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, lítà 6 ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ, kí ẹ tún ìdánwò náà ṣe níbẹ̀. Bí ó bá yára nígbà tó dá nìkan wà, tó sì lọ́ra nígbà tí gbogbo wọn ṣí, páìpù ló tínrín. Bí ó bá lọ́ra láti ìgbà tó ti dá nìkan wà, ẹ má tíì gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá kọ́kì kò ṣí tán, bóyá ìdọ̀tí dí ẹnu ẹ̀rọ, tàbí bóyá táǹkì kò ga tó. Bí omi bá sì ń tutọ́, tó ń jáde tó ń dúró, afẹ́fẹ́ ló há sínú páìpù. Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí páìpù bá ti jáde láti táǹkì, tó tún gòkè kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó yẹ kó máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti ìdí táǹkì láìgòkè mọ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí pọ́ńbà so páìpù kékeré kan mọ́ ibi tó ga jù, kí orí rẹ̀ ga ju ojú omi táǹkì lọ, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ jáde.

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń ba iṣẹ́ tó dára jẹ́. Àkọ́kọ́ ni ẹnu táǹkì. Bí páìpù bá jẹ́ ínṣì 1¼ ṣùgbọ́n tí ihò tí wọ́n lu sí táǹkì tàbí kọ́kì rẹ̀ jẹ́ ínṣì ¾, ibẹ̀ ni omi yóò ti há. Èkejì ni kí pọ́ńbà fi páìpù ínṣì ½ so ẹ̀rọ mẹ́jọ pọ̀ ní ìlà kan. Ẹni àkọ́kọ́ á mu yó, ẹni ìkẹyìn á jẹ́ òǹwòran. Kí páìpù ńlá gba iwájú gbogbo ẹ̀rọ kọjá, kí ti ínṣì ½ jẹ́ kìkì èyí tó bọ́ sílẹ̀ sí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta ni páìpù aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fi iná lẹ̀ pọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n kọ sí i lára, kì í ṣe inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 32 sí, inú rẹ̀ lè má ju mìlímítà 21 sí 23 lọ, kò sì tó ínṣì 1. Ẹ yọjú wo inú páìpù kí ẹ tó sanwó.

Ní ti ibi tí táǹkì yóò dúró, ẹ gbé e sún mọ́ ibi àlùwàlá. Bí mítà 20 yẹn bá di mítà 10, ohun tí páìpù ń jẹ yóò di ìdajì. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Táǹkì 2,000 lítà tó kún jẹ́ kílò 2,000 láìka irin rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e lé orí àjà ilé tàbí sítáǹdì àtijọ́ láìjẹ́ pé onímọ̀ ilé kíkọ́ ti wò ó. Abẹ́ táǹkì ni àwọn ọmọ ilé kéú máa ń ṣeré sí.

Ìṣirò kan náà ni ti ilé, àfi pé ibi tó ga jù tí omi yóò ti jáde la ó fi ṣe ìwọ̀n. Ṣáwà sábà máa ń ga ní mítà 2 sí ilẹ̀ balùwẹ̀. Nínú ilé onílẹ̀ẹ́lẹ̀, sítáǹdì mítà 3 fi mítà 1 péré sílẹ̀ fún un, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ fi ń sáré tí ṣáwà ń sunkún. Mítà 4 sí 5 dára jù. Nínú ilé alájà kan, tí balùwẹ̀ òkè wà ní mítà 3 sí ilẹ̀, ṣáwà yóò wà ní mítà 5, ìsàlẹ̀ táǹkì sì gbọ́dọ̀ wà ní bíi mítà 7. Fún ilé tó ní balùwẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí kò jìnnà sí táǹkì, ínṣì 1 láti táǹkì, ¾ wọ balùwẹ̀, ½ sí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, sábà máa ń tó.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Kì í ṣe kí omi máa tú yàà la ń wá. Nínú hadiisi Anas, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, máa ń fi mudu omi kan ṣe àlùwàlá, èyí kò sì pé lítà kan. Bí ẹ̀rọ bá ń yọ ju lítà 6 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ dín kọ́kì abẹ́ rẹ̀ kù. Omi tó tó fún gìgísẹ̀ ẹni ìkẹyìn lórí ìlà, láìṣe ìnákúnàá fún ẹni àkọ́kọ́, òun ni ìwọ̀n tó yẹ. Kí ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí fi ike lítà kan dán ẹ̀rọ wọn wò kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó dé. Kí Ọlọ́hun gba àlùwàlá àti ìrun wa. Aamiin.