Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Gbá Géèmù Lórí Fóònù: Ohun Tí 120 Hz Ń Jẹ Nínú Bátìrì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìkọ̀tún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndó tí ẹ ń fi fóònù gbá géèmù, àti ẹ̀yin òbí tí ọmọ máa ń gba fóònù lọ́wọ́ yín bó bá di alẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ibi méjì ni àwọn ọmọ máa ń sáré lọ lọ́jọ́ tí fóònù tuntun bá délé, tí wọ́n á sì fa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ dé òkè pátápátá. Ọ̀kan wà nínú fóònù fúnra rẹ̀, lábẹ́ Display, níbi tí wọ́n kọ Refresh rate sí. Èkejì wà nínú géèmù, níbi tí wọ́n kọ Graphics àti Frame Rate sí. Bátìrì ló ń san gbèsè méjèèjì, lọ́pọ̀ ìgbà ẹni tó ń gbá géèmù kì í sì í rí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ san án.

Ẹ má rò pé owó iná ni mò ń sọ. Bátìrì 5,000 mAh, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ Tecno àti Infinix tí a ń rà, kì í gbà ju bíi wáàtì-wákàtí 19 lọ. Tí a bá ṣírò ohun tó ń ṣòfò sínú ṣájà mọ́ ọn, ó lè tó 25. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A lọ sí náírà 225 fún yúníìtì kan, fóònù tó ṣófo tí wọ́n wá gba iná sí títí tó fi kún kò jẹ ju bíi náírà 6 lọ. Náírà 6 kò lè ba ilé ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ibi tó ti ń dunni ni pé iná náà kì í sí níbẹ̀ nígbà tí a bá ń wá a. Wọ́n ní àwọn tó wà ní Band A gbọ́dọ̀ rí iná fún wákàtí 20 lóòjọ́, ó kéré tán. Àwọn tó wà ní Band D, wákàtí 8 ni tiwọn. Nínú Àlímọ̀ṣọ́ kan náà, òpópónà kan lè máa jẹ̀gbádùn kí èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa retí. Ẹni tó wà lójú ọ̀nà tí iná kì í pẹ́ ní láti mọ̀ pé ohun tó kù nínú fóònù ni gbogbo ohun tó ní títí wọ́n á fi mú iná dé. Inú fóònù yẹn náà ni owó ọkọ̀ wà lóde òní. Bí fóònù bá kú sí ẹni lọ́wọ́ ní ráńdábọ̀ùtù Ìkọ̀tún ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kò sí tíránsífà, kò sí ìpè sílé, kò sí ẹni tí ẹ máa pè kó wá pàdé yín.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn bọ́tìnnì náà ń ṣe. Síkírìn tí wọ́n gbé sí 60 Hz ń tún ara rẹ̀ yà ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tó wà ní 120 Hz ń ṣe é ní ìgbà 120. Àmọ́ síkírìn kì í dá àwòrán sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ohun tí géèmù bá gbé fún un ló ń fi hàn. Iye àwòrán tí géèmù ń gbé wá ni Frame Rate. Nínú PUBG Mobile, Low jẹ́ àwòrán 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, Medium jẹ́ 25, High jẹ́ 30, Ultra jẹ́ 40, Extreme jẹ́ 60. Ọ̀pọ̀ fóònù tí kì í ṣe olówó gọbọi kì í rí ohun tó ju Extreme lọ lórí àkọsílẹ̀ náà, torí géèmù ló ń yan ohun tó máa fi han fóònù kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá fi méjèèjì wé ara wọn. Ẹni tó ra Infinix Hot 40 Pro torí pé wọ́n kọ 120 Hz sára páálí rẹ̀, tó fi síkírìn sí 120 Hz, tó sì ń gbá géèmù tí kò kọjá àwòrán 60, àwòrán kan náà ni síkírìn rẹ̀ ń yà lẹ́ẹ̀mejì. Bíi dánfó tó ń ná Ẹgbẹ́dá sí Ọ̀ṣòdì lẹ́ẹ̀mejì torí èrò tí ì bá gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ti 90 Hz tilẹ̀ tún burú sí i lójú tèmi. Àwòrán 60 kò pín dọ́gba sínú 90, nítorí náà àwòrán kan á dúró fún ìyà kan, èyí tó tẹ̀ lé e á dúró fún méjì, eré á sì máa ta gẹ́gẹ́. Àwọn ọmọ á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ṣe wọ́n.

Àwọn fóònù kan máa ń gbọ́n, wọ́n á dín síkírìn kù fúnra wọn bí géèmù bá lọ́ra. Kí ẹ má baà máa méfò, Android ní ohun tó ń fi hàn. Ẹ lọ sínú Settings, ẹ wá About phone tàbí My phone, kí ẹ tẹ Build number ní ìgbà 7, títí tí fóònù á fi sọ pé ẹ ti di developer. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Developer options, kí ẹ tan Show refresh rate. Nọ́ńbà kékeré kan á yọ ní igun síkírìn. Ẹ ṣí géèmù yín kí ẹ wò ó. Bó bá ń sọ 120 nígbà tí Frame Rate yín wà ní Extreme, ẹ ti rí ibi tí bátìrì ń jò sí. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn nínú Developer options o.

Ti Graphics yàtọ̀ sí èyí. Smooth, Balanced, HD, HDR: bí ẹ ṣe ń gòkè ni òjìji, ewéko àti ìtànṣán omi ń pọ̀ sí i, ṣíìpù inú fóònù ló sì ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn. Kí ó tó lè ya àwòrán tó wúwo láì falẹ̀, ó ní láti sáré. Bó bá sì fẹ́ sáré, fóltì tó ń gbà gbọ́dọ̀ ròkè pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń yí ni lójú. Bí ìyára ṣíìpù bá di ìlọ́po méjì, tí fóltì sì fi ìdá kan nínú márùn-ún ròkè, agbára tí ṣíìpù ń jẹ kò dúró ní ìlọ́po méjì, ó ń sún mọ́ ìlọ́po mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí ìgbésẹ̀ tó gbẹ̀yìn lókè fi ń jẹ bátìrì ju gbogbo èyí tó wà nísàlẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí ojú ń rí níbẹ̀ kò tó nǹkan lórí síkírìn tó jẹ́ ínǹṣì 6 péré.

Àwọn tó mọ eré náà dáadáa kì í fi HDR gbá a. Smooth ni wọ́n máa ń lò, wọ́n á wá gbé Frame Rate sókè, torí kí ọ̀tá lè yára hàn ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ẹwà koríko.

Ooru ló tẹ̀ lé e. Gbogbo agbára tí ṣíìpù bá jẹ, ooru ló ń yí padà dà. Ní ọ̀sán Èkó tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti lé ní ìwọ̀n 30, tí fóònù sì wọ àpò rọ́bà, ooru náà kò rí ibi gbà jáde. Fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ara rẹ̀ là: á dín ìyára ṣíìpù kù, á dín ìmọ́lẹ̀ síkírìn kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí eré yín bá ń dán ní àkọ́kọ́, tó wá ń gbọ̀n lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, tí síkírìn sì ṣókùnkùn díẹ̀, ooru ni. HDR wà lára àkọsílẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù kò lè ṣe é mọ́.

Ẹ fi fóònù tiyín dán an wò. Ẹ gba iná sí i dé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ yọ ṣájà, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ pa ìmọ́lẹ̀ aládàáṣe, kí ẹ fi ìmọ́lẹ̀ sí ìdajì, kí ẹ sì gbá eré fún wákàtí kan lórí Smooth àti Extreme, síkírìn ní 60 Hz. Ẹ kọ ohun tó kù sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún un ṣe ní àkókò kan náà pẹ̀lú gbogbo nǹkan lókè. Ká ní àkọ́kọ́ jẹ ìdá 14, tí èkejì jẹ 24. Lórí bátìrì 5,000 mAh, ìyẹn jẹ́ wáàtì 2.7 sí 4.6. Bátìrì tó kún á gbé yín fún wákàtí 7 ní àkọ́kọ́, kò sì ní ju wákàtí 4 àti díẹ̀ lọ ní èkejì. Nọ́ńbà tiyín á yàtọ̀ sí àpẹẹrẹ yìí. Bí ìyàtọ̀ náà kò bá ju ìdá méjì tàbí mẹ́ta lọ, ẹ máa gbádùn 120 Hz yín, n kò ní bá yín jà.

Èyí tí àwọn òbí kì í rí ni ọjọ́ orí bátìrì. Láti oṣù kẹfà ọdún 2025 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti ní bátìrì fóònù tuntun gbọ́dọ̀ lè gba iná ní ìgbà 800 kí agbára rẹ̀ tó lọ sísàlẹ̀ ìdá 80. Òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi í ṣe òṣùwọ̀n. Ìgbà kan túmọ̀ sí ìdá ọgọ́rùn-ún tí ẹ lò tán, ì báà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń lo ìdá 90 lóòjọ́ á pé ìgbà 800 lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì àti oṣù márùn-ún. Ẹni tí géèmù mú kó máa lo ìdá 150, tó ń gba iná lẹ́ẹ̀mejì, á pé e láàárín ọdún kan àti ààbọ̀. Ooru sì lè mú kó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ bátìrì fóònù ìsinsìnyí mọ́nú, ẹni tó sì lọ pààrọ̀ rẹ̀ kì í mọ̀ bóyá ojúlówó ni wọ́n fi sí i.

Èyí tí mo máa fi gbogbo ẹnu kìlọ̀ fún yín ni kí ẹ má máa gbá géèmù tó wúwo nígbà tí ṣájà wà nínú fóònù, pàápàá bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń mí sókè mí sódò ló ń gbé iná náà wá. Ooru ṣíìpù àti ooru ìgbaná á pàdé lára bátìrì kan ṣoṣo. Àwọn Infinix kan, láti orí Note 30, ní Bypass Charging, èyí tó ń gbé iná lọ tààrà sí fóònù láì gba inú bátìrì. Bí tiyín bá ní in, òun ni kí ẹ lò. Bí kò bá ní in, ẹ jẹ́ kí iná kún kí ẹ tó gbá eré. Bí ẹ̀yìn fóònù bá sì ti ń wú, tàbí tí síkírìn ń yọ kúrò lára férémù rẹ̀, ẹ má gba iná sí i mọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má sì fi nǹkan gún un. Ẹ pa á, kí ẹ gbé e jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ, kí ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.