Iye Tí Ẹ Ó Kọ Sínú Ìwé Adójútòfò Ilé Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé sí àdúgbò wa, gẹ́gẹ́ bí alága ẹgbẹ́ onílé, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe adójútòfò ilé yín. Iná ló ń bà mí lẹ́rù jù: wáyà tó ti gbó, jẹnẹrétọ̀ lẹ́bàá fèrèsé, gáàsì tó ń jò ní kíṣìnì ayálégbé.

Ẹ má kọ iye tí ẹ lè ta ilé náà. Ilẹ̀ kì í jóná. Iye tí ẹ ó fi tún un kọ́ lónìí ni kí ẹ kọ, pẹ̀lú owó kíkó àwókù. Àwọn kan máa ń dín in kù kí owó tí wọ́n ń san lè kéré, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní 40 mílíọ̀nù náírà ni àtúnkọ́ ilé yín máa gbà, ẹ wá kọ 20 mílíọ̀nù. Iná jó òrùlé àti yàrá méjì, àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ 10 mílíọ̀nù. Mílíọ̀nù 5 péré ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò yóò san, torí ìdajì ilé lẹ ṣe adójútòfò fún. Ẹ máa yẹ iye náà wò lọ́dọọdún. Owó sìmẹ́ǹtì kì í dúró sójú kan.

Ìwé tó jẹ́ ti iná nìkan kò kan omíyalé. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ ọn, kí ẹ sì fojú ara yín rí i. Bí ẹ kò bá sì tíì sanwó, lábẹ́ òfin Nàìjíríà, adójútòfò kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì.