Kàǹga Tí Ó Gbẹ àti Kàǹga Tí Omi Rẹ̀ Fà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn “jíjìn”, ni àwọn ènìyàn sábà máa ń lò bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa bọ́hòòlù, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní kàǹga ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń bò mọ́lẹ̀. Èkíní ni jíjìn ihò fúnra rẹ̀. Èkejì ni ojú omi ìsinmi, ibi tí omi máa ń dúró sí nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fà á. Ẹ̀kẹta ni ojú omi ìfà, ibi tí omi lọ sílẹ̀ dé nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹrin sì ni ibi tí a gbé pọ́ǹpù kọ́ sí nínú ihò.

Fún ìwọ̀n kẹta yìí, èdè Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò láti yá ọ̀rọ̀. Bí a bá ní odò fà, ohun tí a ń sọ ni pé omi rẹ̀ lọ sílẹ̀, a kò sọ pé ó tán. Ohùn ìsàlẹ̀ ni “fà” ní, ṣùgbọ́n bí àbọ̀ tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé “fà” tí ó túmọ̀ sí wíwọ́ nǹkan, ohùn rẹ̀ á di ti àárín, bí ó ti rí nínú “fa omi”. Nítorí náà, pọ́ǹpù ń fa omi, omi sì ń fà, ẹni tí kò bá fi àmì ohùn sí i yóò da ìtumọ̀ méjèèjì pọ̀. Àlàfo tí ó wà láàárín ojú omi ìsinmi àti ojú omi ìfà ni a lè pè ní ìfàsílẹ̀, ó sì máa ń pọ̀ sí i títí omi tí ń sun wọlé láti inú àpáta yóò fi bá èyí tí pọ́ǹpù ń gbé jáde dọ́gba.

Kí a mú àpẹẹrẹ kàǹga kan ní ilẹ̀ olókùúta bí ti Ìbàdàn, níbi tí omi ti ń gba inú àpáta tí ó sán wọlé. Kí jíjìn ihò jẹ́ mítà 60, kí ojú omi ìsinmi wà ní mítà 12, kí ojú omi sì lọ dúró ní mítà 30 nígbà tí a ń fa lítà kan jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìfàsílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 18. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé bí a bá fa lítà méjì, ìfàsílẹ̀ yóò kàn di ìlọ́po méjì, nítorí pé bí omi bá ti fà kọjá ibi tí àpáta ti sán, ó lè já wálẹ̀ lójijì.

Bí a bá fi mítà 5 kún un nítorí ọ̀gbẹlẹ̀, ojú omi ìfà yóò di mítà 35, a ó sì gbé pọ́ǹpù kọ́ sí mítà 45, kí omi lè bò ó dáadáa, kí ó sì jìnnà sí ẹrẹ̀ tí ó máa ń silẹ̀ nísàlẹ̀ ihò. Bí ó bá jẹ́ mítà 30 ni wọ́n gbé e kọ́ sí, omi yóò máa tú jáde pẹ̀lú afẹ́fẹ́, yóò dáwọ́ dúró, yóò sì tún jáde lẹ́yìn tí pọ́ǹpù bá ti sinmi. Àwọn onílé á ní kàǹga gbẹ. Àṣìlò ni: kàǹga tí ó gbẹ kì í fún ni lómi lẹ́yìn ìsinmi, èyí tí ó bá tún fún ni lómi kàn fà ni, àtúnṣe rẹ̀ sì ni kí a sọ pọ́ǹpù kalẹ̀ sí i tàbí kí a dín omi tí a ń fà kù.

Àṣìṣe mìíràn tí ọ̀rọ̀ “jíjìn” ń fà wà nínú kíka ìwọ̀n gíga tí pọ́ǹpù yóò gbé omi dé. Kì í ṣe láti ibi tí pọ́ǹpù wà ni a ti ń kà á, láti ojú omi ìfà ni, nítorí pé omi tí ó bo pọ́ǹpù ti ń ti omi inú páìpù sókè dé ojú kan náà. Bí táǹkì bá ga ní mítà 9, mítà 35 àti 9 di 44. Lẹ́yìn èyí ni a óò fi ohun tí ara páìpù agbómisókè ń gbà lọ́wọ́ omi kún un, ìyẹn páìpù tí ó gbé omi láti ẹnu pọ́ǹpù dé táǹkì. Fífẹ̀ ìta ni wọ́n fi ń dárúkọ páìpù rọ́bà dúdú tí ó le. Nítorí náà, inú èyí tí wọ́n ń pè ní 32 lè má ju mìlímítà 26 lọ, inú 50 sì lè jẹ́ nǹkan bí 40. Lórí páìpù tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 60, èyí tí ó kéré yóò gba nǹkan bí mítà 9 lọ́wọ́ omi lítà kan yẹn, nígbà tí èyí tí ó fẹ̀ yóò gba mítà kan péré, ìyàtọ̀ yìí ni yóò sì pinnu bóyá pọ́ǹpù tí ó lè gbé omi dé mítà 45 ni a óò rà, tàbí èyí tí ó lè dé 53.

Kí ẹni tí ó bá fẹ́ san owó kàǹga má gba ìwé tí wọ́n kọ “jíjìn: mítà 60” nìkan sí, kí ó ní kí wọ́n kọ ìwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iye omi tí wọ́n fà, àti oṣù tí wọ́n wọ̀n ọ́n.